Omi họ́sítẹ̀lì ni mo fẹ́ fi ṣe ìlérí: ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ ìpolongo mi wò

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mò ń du ipò wẹ́lífíà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa níbí ní Òṣogbo. Ó ku ọjọ́ 9 tí àwa olùdíje máa ka mànífẹ́sítò wa lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí tèmi ti wà lórí Wásáàpù kó tó dìgbà yẹn. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ dìbò fún ẹni tó mọ ìyà tó ń jẹ yín! Bí mo bá wọlé, omi á máa yọ tọ̀sán-tòru ní họ́sítẹ̀lì obìnrin. Màá gbẹ́ bọ́hóòlù tuntun. Owó kẹ̀kẹ́ láti géètì dé Ọláìyá á wálẹ̀. A ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Mo fi han ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá. Ó kà á tán, ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa gbẹ́ ẹ ni àbí bàbá ẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Òròkí

Má dá ọ̀rẹ́ ẹ lóhùn jàre. Ìbò kì í ṣe ìdánwò. Bí ẹnì kan bá ní òun máa gbẹ́ bọ́hóòlù kan, ìwọ ní méjì lo máa gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ odò Ọ̀ṣun kúkú la wà, ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o ti gbẹ́ ẹ, wàá kan omi.

Ohun tí mo rí ni pé ìlérí ẹ ti pọ̀ jù. Mú ẹyọ kan, kó o máa wí i títí á fi di orúkọ ẹ. Lọ́dún tí mo dìbò kẹ́yìn, "Bọ̀ọ̀dá Gílóòbù" la máa ń pe ẹni tó wọlé, torí pé iná ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ̀lì nìkan ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

Àbúrò, ó ti tó ọdún 14 tí mo ti ń sọ pọ́ǹpù sínú bọ́hóòlù tí mo sì ń fà á jáde. Èyí tí Ọmọ Òròkí sọ pé ibi tó bá wù ẹ́ lo ti máa kan omi, má gbé e sínú ìwé rẹ o. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níbí. Omi ò tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ bí adágún. Ibi tí àpáta bá ti sán, tàbí ibi tó ti jẹrà, ló máa ń sá pamọ́ sí. Mo ti bá wọn débi tí wọ́n ti gbẹ́ méjì sínú àgbàlá kan náà. Ọ̀kan ní omi dáadáa. Èkejì, eruku funfun ló ń tú jáde títí wọ́n fi palẹ̀ ẹ̀rọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ lè ju òkúta láti ẹnu ọ̀kan dé ẹnu èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ń na wáyà sílẹ̀ láti yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, àyẹ̀wò yẹn gan-an ò sì fọwọ́ sọ̀yà. Tó o bá ṣèlérí bọ́hóòlù tuntun, o ti fẹnu ara rẹ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ àpáta.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé họ́sítẹ̀lì yẹn ò ní bọ́hóòlù rárá ni? Bó bá ní, kí ló ṣe é?

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Ó ní, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan ni, pẹ̀lú táǹkì 2,500 lítà méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú táǹkì náà ti ya nísàlẹ̀, ìdajì ló ń gbà. Omi máa ń yọ láàárọ̀. Tó bá fi máa di aago 8, ó ti tán. Wọ́n ní pọ́ǹpù ti bàjẹ́.

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

Ta ni "wọ́n"? Pọ́ǹpù tó bàjẹ́ ò lè gbé omi láàárọ̀.

Ṣe báyìí. Wá kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan. Bẹ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kó jẹ́ kó o gba omi láti ẹnu páìpù tó ń dà sínú táǹkì, má gbà á ní ẹnu tápù o, torí pé tápù lè dí, kó sì tàn ẹ́ jẹ. Fi fóònù rẹ ka àsìkò tí kẹ́ẹ̀gì fi kún. Kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ lọ fún wákàtí 2, kó o tún gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn síbẹ̀, kó o kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ìgbà méjèèjì bá fẹ́ẹ̀ dọ́gba, kànga yẹn lágbára, ohun mìíràn ló ń dí i lọ́wọ́. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá pẹ́ gan-an, tàbí tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́, tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn, a jẹ́ pé omi inú kànga ló ń tán. Ìlérí kankan ò ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Kí wọ́n tètè pa pọ́ǹpù náà ni, torí pé omi tó wà nínú kànga ló ń tù ú lára. Bó bá ń yí lásán, ó máa jó ni.

Baálé Ìlobùú

Ẹ ṣeun o, Ẹlẹ́rọ. Ọlọ́run ló mú yín wá. Bọ́hóòlù ilé tèmi, omi ẹ̀ mọ́ gaara tí a bá pọn ọ́n, tó bá sun di ọjọ́ kejì á di pupa bí omi osùn, ó sì ń ba aṣọ funfun ìyàwó mi jẹ́. Ṣé pọ́ǹpù ni kí n pààrọ̀?

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

Ẹ má pààrọ̀ pọ́ǹpù, sà. Irin ló wà nínú omi yẹn, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di pupa. Ẹ jẹ́ kó máa fọ́n ká bó ṣe ń bọ́ sínú táǹkì, kó sinmi kó tó kọjá sínú àsẹ́ oníyanrìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ olùdíje la wà lórí ẹ̀ o, sà.

Fínsẹ́ẹ̀kì Àná

Mo ti ṣe akọ̀wé owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, kì í ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Àbúrò, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ owó, torí pé ibẹ̀ ni ìlérí ti máa ń kú.

Níbi tí mo ti ṣe é, owó ẹgbẹ́ máa ń bá owó ilé-ìwé wọlé ni, inú àpò ilé-ẹ̀kọ́ ló sì ń lọ. Kí ẹgbẹ́ tó rí i, ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á buwọ́ lù ú, kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tiwa, ọ̀sẹ̀ 11 ti kọjá lẹ́yìn ìbúra ká tó rí owó àkọ́kọ́. Ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn nígbà náà. Olórí wẹ́lífíà ò sì sí lára àwọn tó ń buwọ́ lu sọ̀wédowó. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ipò yẹn ti ṣèlérí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́. Kò purọ́, ó ní i lọ́kàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó bọ́ọ̀sì ò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ sí. Kò sígbà tó wọ ibi ìjẹun tí wọn ò ní máa kọrin "bọ́ọ̀sì dà?" lẹ́yìn ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní yàrá.

Nítorí náà, kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, lọ bá ẹni tó wà ní ipò yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́, kó jẹ́ kó o rí ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́. Wo iye tó wọ ọwọ́ wẹ́lífíà lódindi ọdún kan, kó o sì wo oṣù tó wọlé. Lẹ́yìn náà, pín ìlérí rẹ sí ohun tó o lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ ṣe láìsí kọ́bọ̀, ohun tí owó wẹ́lífíà ká, àti ohun tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan lo lè bẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́ wà nínú ìkẹta. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ló ni owó ọkọ̀ wọn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa dìbò fún tí epo bẹntiróòlù á torí ẹ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Òròkí

Àǹtí, ẹ ò ṣe kúkú ní kó má díje mọ́? Ta ló máa dìbò fún ẹni tó ń sọ pé "màá bẹ̀bẹ̀"?

Fínsẹ́ẹ̀kì Àná

Èmi á dìbò fún un. O ò tíì jẹ gbèsè ìlérí rí ni.

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Mo ti dé o. Àárọ̀ Sátidé ni mo lọ, èmi àti àbúrò kan tó ń gbé họ́sítẹ̀lì náà. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní olóṣèlú ni mí. Nígbà tó rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, òun gan-an ló di àkàbà mú.

Ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì kún ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Lẹ́yìn wákàtí 2, ó gba ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Kò tutọ́ rárá.

Bàbá wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní iná ìjọba nìkan ló ń gbé pọ́ǹpù náà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tan iná yàrá lálẹ́, wọn ò fa wáyà ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Iná ìjọba kì í ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, òru ló sì sábà máa ń jẹ́. Òun ni omi tí wọ́n ń pọn láàárọ̀ yẹn.

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

O káre. Ṣé o rí i pé bọ́hóòlù ò dẹ́ṣẹ̀?

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan àti ìdá mẹ́rin, lítà 20 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, 1,200 ní wákàtí kan. Ká yọ díẹ̀ kúrò nítorí bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́, ká pè é ní 1,100. Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀?

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

180, ẹ̀gbọ́n.

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ kọ́rọ̀bá 20 lítà méjì lójúmọ́, 7,200 lítà nìyẹn. Wákàtí 3 tí iná fi ń wà, 3,300 lítà ló ń gbé wá, kò pé kọ́rọ̀bá kan fún ẹnì kan, láì tíì sọ ti táǹkì tó ya tó ń da omi nù. Bí pọ́ǹpù bá rí wákàtí 3 mìíràn lọ́sàn-án, ó di 6,600. Kò tíì pé, àmọ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń rí ni.

Jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé pọ́ǹpù tí agbára ẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì kan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kékeré tàn ẹ́. Iná tí pọ́ǹpù ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń lò tó bá ti ń yí lọ. Mi ò ní gbé e lé jẹnẹrétọ̀ tí agbára ẹ̀ kò tó 3 kẹ́fíà. Ká ní ó ń mu lítà kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan, lítà 4 lójúmọ́ nìyẹn, 28 lọ́sẹ̀. Ká fi ₦1,000 ṣe ìdíwọ̀n lítà kan, kó o fi iye tí wọ́n bá ń tà á lọ́jọ́ yẹn rọ́pò ẹ̀. ₦28,000 lọ́sẹ̀. Pín in fún èèyàn 180, kò pé ₦160 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Òròkí

Ah. ₦160? Kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ mẹ́ruwà ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Mo kó ọ̀rọ̀ bọ́hóòlù méjì jẹ.

Ará Ìta Géètì

Ẹ má bínú tí mo bá da omi sí ọ̀rọ̀ yín. Àwa tá à ń gbé ìta ńkọ́? Yàrá kan ni mo gbà lẹ́yìn géètì, mi ò dé họ́sítẹ̀lì rí. Ìbò mi ò kéré sí tàwọn tó wà nínú. Ìgbà tó o sọ ti kẹ̀kẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè, Fínsẹ́ẹ̀kì sì ti ní kó o yọ ọ́. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wo ni ẹ ń sọ, ti họ́sítẹ̀lì àbí ti gbogbo wa?

Fínsẹ́ẹ̀kì Àná

Mi ò ní kó yọ ọ́, mo ní kó má sọ pé ó máa wálẹ̀. Ó lè sọ pé òun máa bá alága àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní géètì jókòó, kó dá ọjọ́ ìjókòó náà, kó sì lẹ ohun tí wọ́n bá bá ara wọn sọ mọ́ pátákó, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni ìwọ náà sọ, mi ò ní èsì tó dáa fún un. Owó wẹ́lífíà kan náà ni. Tó bá fi ra epo fún èèyàn 180, ẹni ìta lè ní òun ń pọn omi fún ẹlòmíì.

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Mo tún un kọ lóru. Ẹ bá mi wò ó:

"Mò ń du ipò wẹ́lífíà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbi bọ́hóòlù họ́sítẹ̀lì obìnrin lọ́jọ́ Sátidé. Pọ́ǹpù ò bàjẹ́. Iná ni kò sí fún un ju wákàtí 3 lọ.

Bí mo bá wọlé, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, màá ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n gbà ká so pọ́ǹpù mọ́ jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì lẹ táǹkì tó ya. Màá lẹ ìwé náà àti èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri họ́sítẹ̀lì. Èyí ò ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá gbà, màá gbé owó epo wákàtí 3 lọ́sàn-án wá síwájú ilé aṣòfin nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Bí ilé bá kọ̀ ọ́, màá sọ fún yín pé wọ́n kọ̀ ọ́. Mi ò lè ṣèlérí omi tọ̀sán-tòru, mi ò sì ní gbẹ́ bọ́hóòlù tuntun.

Ní ti kẹ̀kẹ́, mi ò lè sọ owó ẹ̀ kalẹ̀. Màá bá alága wọn ní géètì jókòó kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé ìta á bá mi lọ.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, màá kọ iye wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà sára táǹkì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ wá wò ó."

Fínsẹ́ẹ̀kì Àná

Ṣọ́ọ̀kì ara táǹkì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó máa ní òun ò rí i. Ohun kan ló kù: o ti kọ ọ́ pé "ká so pọ́ǹpù mọ́ jẹnẹrétọ̀", àmọ́ ṣé o ti wo bí jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣe tóbi tó? Tí ọ́fíìsì bá ní "ó dáa", tó wá di pé kò lè gbé e, ojú ta ló máa tì?

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Haa. Mi ò wò ó. Bàbá kàn nawọ́ sí i ni.

Ọmọ Òròkí

Ó dáa, ó mọ́lẹ̀, àmọ́ ó gùn ju ohun tí èèyàn ń kà nínú kẹ̀kẹ́ lọ. Fi gbólóhùn kan ṣáájú: "Pọ́ǹpù ò bàjẹ́." Gbogbo họ́sítẹ̀lì ló gbà gbọ́ pé ó ti bàjẹ́, ìwọ lo sì já irọ́ náà. Kò sẹ́ni tó máa kà á tí kò ní fẹ́ mọ ìyókù.

Ará Ìta Géètì

Èmi ni mo máa bá ọ lọ bá alága kẹ̀kẹ́. Kọ nọ́ńbà yàrá mi sílẹ̀. Ìbò mi ńkọ́? Mi ò tíì sọ.

Ẹlẹ́rọ Àyétòrò

Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, kànga kún báyìí. Ohun tó o kà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí ní oṣù Kejì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé dáadáa. Ó lè má gba wákàtí 6 nígbà náà. Pín wákàtí ọ̀sán yẹn sí méjì, kó sinmi láàárín, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wàá tún kẹ́ẹ̀gì kà lóṣooṣù. Àwọn kan á ní ó ń bẹ̀rù. Jẹ́ kí wọ́n wí.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, wo irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ kẹ́fíà ẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kùn ún, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Olùdíje Òkè-Báálẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Alẹ́ ni wọ́n máa ń tàn án. Màá dé ibẹ̀ lọ́la ní aago 7 alẹ́ kó tó gbóná, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí síta kí n tó wò ó.